Ẹ Béèrè Ohun Kan Péré: Lórí Lẹ́tà Àtẹ̀lé Ẹni Tí Kò Ṣiṣẹ́ Rí

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà àtẹ̀lé tí àwọn tó ń jáde ní ẹ̀ka wa ń kọ ni kò béèrè ohunkóhun. Lẹ́tà àtẹ̀lé ni mo ń pe ímeèlì kúkúrú tí èèyàn ń fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ lẹ́yìn tó ti wáṣẹ́ síbẹ̀, tí ọjọ́ ti ń lọ, tí kò sì gbọ́ nǹkan kan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí, mo ti ka bíi méjìlá nínú irú ímeèlì bẹ́ẹ̀, torí àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde máa ń ní kí n bá wọn wò ó kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ lọ. Gírámà wọn dáa. Kò sí àṣìkọ kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá kà á tán, tí mo bi ara mi pé, "Kí ni ẹni tó gba lẹ́tà yìí máa wá ṣe báyìí?", mi ò ní rí nǹkan kan dì mú. Wọ́n kí i, wọ́n yìn ín, wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n dágbére fún un.

Èrò tèmi ni pé lẹ́tà àtẹ̀lé wúlò bí ó bá ní ìbéèrè kan tí a lè fi gbólóhùn kan dáhùn, tàbí ọ̀rọ̀ tuntun kan tí kò sí nínú ìwé tí a kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Bí kò bá ní méjèèjì, kí èèyàn gbé e sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kan ò ní gbà fún mi, ẹ ó ní ó ṣáà yẹ kí wọ́n máa rántí orúkọ ẹni. Mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú iṣẹ́ tí mo ní lọ́kàn. Àwọn ilé ìfowópamọ́ àti àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá kan máa ń ní ètò tí wọ́n fi ń gba akẹ́kọ̀ọ́jáde wọlé, wọn a kọ́ wọn níṣẹ́ fún oṣù mélòó kan, wọn a sì wá pín wọn sí ẹ̀ka tí wọ́n bá ti nílò wọn. Ohun tí èèyàn kà kì í sábà ṣe nǹkan kan fún wọn; ọmọ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè lè wọlé, ọmọ ìmọ̀ ohun ọ̀gbìn náà lè wọlé. Ohun tí wọ́n sábà ń wò ni ìpele tí èèyàn bá jáde, ọjọ́ orí tí kò gbọdọ̀ kọjá iye kan, àti ìwé ẹ̀rí pé èèyàn ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Ẹni tó bá la ìyẹn kọjá ni wọ́n máa pè sí ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, tí ìṣirò, èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìrònú máa ń wà nínú rẹ̀, kí wọ́n tó wá pe àwọn díẹ̀ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Ohun kan yé wa nínú àlàyé yìí. Ẹni tí kò ṣiṣẹ́ rí ni wọ́n dìídì ń wá. Síbẹ̀, nínú ìwé méjìlá tí mo kà, mẹ́sàn-án ló ní gbólóhùn tó ń tọrọ àforíjì pé "lóòótọ́ ni mi ò ní ìrírí iṣẹ́". Ta ló bi wọ́n? Bí ẹni lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi lọ máa bẹ tíṣà pé kó jọ̀ọ́, ọmọ òun ò tíì mọ ìwé kà ni. Mo mọ ibi tí ìtìjú náà ti wá. Àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì àti ẹnjiníà máa ń lọ fún ìkọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́fà tí Àjọ Ìdókòwò fún Ìkọ́ṣẹ́ dá sílẹ̀ lọ́dún 1973, wọ́n á sì ní orúkọ iléeṣẹ́ kan tí wọ́n lè kọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní ẹ̀ka iṣẹ́-ọnà kì í lọ. Nítorí náà, ibi tí wọ́n ti ní ká kọ ìrírí iṣẹ́ a máa ṣófo, òfìfo yẹn á sì máa dùn wá títí a ó fi kó o wọnú gbogbo lẹ́tà tí a bá kọ.

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan gbà mí láyè láti lo ìwé tirẹ̀ níbí, bí mi ò bá ti dárúkọ òun àti ilé ìfowópamọ́ náà. Ó wáṣẹ́ sí ètò ìkọ́ṣẹ́ wọn nígbà tó kù díẹ̀ kó parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Ìkéde wọn sọ pé ìforúkọsílẹ̀ máa parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, àti pé àwọn tí wọ́n bá yàn máa gba ìwé ìpè fún ìdánwò láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà. Ó fi gbogbo ìwé rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta. Níbi tí wọ́n ti béèrè ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀, ó fi lẹ́tà tó fi hàn pé òun ṣì ń sìn ìlú lọ́wọ́ síbẹ̀, torí ìkéde náà fàyè gba ìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Èyí ni ohun tó kọ́kọ́ kọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, èmi ni mo sọ ọ́ di Yorùbá, mi ò sì yọ nǹkan kan kúrò:

"Ẹ̀yin ọ̀gá mi ọ̀wọ́n sà àti mà. Ẹ kú iṣẹ́ ribiribi tí ẹ ń ṣe. Mo gbà á ládùúrà pé ìwé yìí á bá yín nínú àlàáfíà pípé. Pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ ọkàn ni mo fi ń kọ ìwé yìí láti tẹ̀ lé ìwé ìwáṣẹ́ tí mo fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ yín tó lókìkí, tó sì jẹ́ aṣáájú ní ilẹ̀ Áfíríkà. Lóòótọ́ ni mi ò tíì ní ìrírí iṣẹ́ kankan, ṣùgbọ́n mo jẹ́ ẹni tó ń tètè kọ́ nǹkan, tó lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìnira, tó sì lè bá àwọn ẹlòmíràn ṣe pọ̀. Bí ẹ bá fún mi láǹfààní yìí, mo ṣèlérí pé mi ò ní já yín kulẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú àánú wo ọ̀rọ̀ mi. Mo ń retí èsì rere láti ọ̀dọ̀ yín sà àti mà. Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á bùkún yín."

Ẹ wò ó dáadáa. Kò sí orúkọ ètò tó wáṣẹ́ sí níbẹ̀; ilé ìfowópamọ́ kan sì lè ní ètò ìgbanisíṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí nọ́ńbà tí pọ́tà ìforúkọsílẹ̀ fún un, kò sí ọjọ́ tó fi ìwé sílẹ̀. Ẹni tó gbà á ò lè wá a kàn lórí kọ̀ǹpútà, àfi kó máa fi orúkọ rẹ̀ wá a láàárín àwọn tí orúkọ wọn jọra, ẹ sì mọ bí àwọn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ti pọ̀ tó láàárín wa. Kò sì béèrè ìbéèrè kankan. "Ẹ fi ojú àánú wo ọ̀rọ̀ mi" kì í ṣe ìbéèrè, ẹ̀bẹ̀ ni. Ẹni tó ń bójú tó ímeèlì ìgbanisíṣẹ́ kì í sábà jẹ́ ẹni tó ní agbára láti ṣàánú. Akọ̀wé ni. Ohun tó lè ṣe ò ju kó tẹ nọ́ńbà, kó wo ibi tí ìwé dé, kó dáhùn. Lẹ́tà yẹn bẹ̀ ẹ́ fún ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì béèrè èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ló dé tí ọmọ tó gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè fi máa kọ báyìí? Mi ò gbà pé àìmọ̀kọ ni. Ìkíni ni. Malinowski ló sọ lọ́dún 1923 pé àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí iṣẹ́ wọn kì í ṣe láti gbé ìròyìn, bí kò ṣe láti so èèyàn mọ́ èèyàn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ní lọ́kàn, kó wo Yorùbá méjì tó bá pàdé lójú ọ̀nà. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú oòrùn, ẹ kú àtijọ́, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, kí ẹnikẹ́ni tó wá sọ ohun tó gbé e wá. Ẹni tó bá fo ìyẹn láàárín wa, a ó ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí a bá wá jókòó láti kọ ímeèlì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sí àgbàlagbà tí a kò mọ̀, ẹ̀rù á máa bà wá pé bí a bá kọ gbólóhùn mẹ́rin péré, ó máa dà bí ìgbà tí a dúró kí bàbá bàbá wa láìdọ̀bálẹ̀.

Nǹkan kejì ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì gba ohun èlò ọ̀wọ̀ tó tóbi jù lọ́wọ́ wa. Ní Yorùbá, "ẹ" àti "yín" ń ṣiṣẹ́ ọ̀wọ̀ ní gbogbo gbólóhùn láìgba àyè. A lè kọ lẹ́tà tó le bí òkúta, síbẹ̀ kí ọ̀wọ̀ wà nínú rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ò ní irú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń pe ọmọ àti bàbá. Nítorí náà, a ń wá ohun tí a ó fi dípò rẹ̀, a sì ń fi sà, mà, ìrẹ̀lẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó lókìkí àti àdúrà dí àyè náà. Ohun tí Yorùbá fi fáwẹ̀lì kan ṣe ni a wá ń fi ìpínrọ̀ kan ṣe. Bí mo ti rí i nìyí, mo sì rò pé ó ṣàlàyé ju "àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ lẹ́tà kọ" tí àwọn àgbà kan máa ń sọ lọ.

Brown àti Levinson, tí gbogbo wa kà ní ọdún kẹta, ti fún wa ní ọ̀nà àbáyọ. Wọ́n ní ọ̀wọ̀ pín sí méjì: èyí tó ń sún mọ́ èèyàn, tó ń mú inú rẹ̀ dùn, àti èyí tó ń yẹra fún dídí i lọ́wọ́. Ìkíni gígùn jẹ́ oríṣi àkọ́kọ́. Lójú pópó, lójú agbo, ó dáa gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọgọ́rùn-ún mélòó kan ímeèlì láti kà, oríṣi kejì ló nílò. Ẹni tó bá kọ gbólóhùn mẹ́rin sí i ti bọ̀wọ̀ fún un, torí kò jẹ àkókò rẹ̀. Grice náà sọ ọ́ lọ́dún 1975 pé kí ọ̀rọ̀ ẹni tó bí ó ti yẹ kó tó, kó má sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdánwò ló mú ká há a sórí. Ẹ jẹ́ ká wá lò ó níbi tí owó wà.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n wa jókòó ti ìwé náà ní bíi wákàtí kan. A kọ́kọ́ kọ ìbéèrè méjì tó wà lọ́kàn rẹ̀ sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ṣé ìwé ìpè fún ìdánwò ti jáde tán. Ìkejì, nítorí pé ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ rẹ̀ ti wá jáde láàárín àkókò yẹn, ó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun fi ránṣẹ́ báyìí. Ó fẹ́ béèrè méjèèjì. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí èèyàn bá béèrè nǹkan méjì lọ́wọ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí, èyí tó rọrùn jù ló máa dáhùn. Èyí tó rọrùn nínú méjèèjì yìí ni ti ìwé ẹ̀rí: "ẹ má ṣèyọnu, ẹ mú un wá nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò." Ọ̀rọ̀ ìdánwò tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn á wá di ohun tí wọ́n fò. Ìwé ẹ̀rí náà di ìròyìn nínú lẹ́tà, ìdánwò nìkan ló jẹ́ ìbéèrè.

Ohun tó fi ránṣẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin nìyí. Àkọlé ímeèlì náà ni "Ìbéèrè lórí ìpè fún ìdánwò, ètò ìkọ́ṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde", lẹ́yìn náà orúkọ rẹ̀ ní kíkún àti nọ́ńbà tí pọ́tà fún un. Inú rẹ̀ kà báyìí:

"Ẹ̀yin Ìgbìmọ̀ Ìgbanisíṣẹ́. Mo fi ìwé ìwáṣẹ́ sílẹ̀ fún ètò ìkọ́ṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde yín ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta. Nọ́ńbà mi wà lókè. Ìkéde yín sọ pé ìwé ìpè fún ìdánwò máa jáde láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ọjọ́ 14 oṣù Kẹta. Mi ò tíì rí nǹkan kan gbà títí di òní. Ǹjẹ́ ẹ lè jẹ́ kí n mọ̀ bóyá gbogbo ìwé ìpè ti jáde tán, àbí wọ́n ṣì ń lọ lọ́wọ́? Láti ìgbà tí mo ti fi ìwé sílẹ̀, ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ mi ti jáde, mo sì lè fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́. Ẹ ṣeun."

Orúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà nọ́ńbà fóònù. Ó tán. Kò so fáìlì kankan mọ́ ọn. Ó fẹ́ tún so ìwé ìtàn ẹ̀kọ́ rẹ̀ mọ́ ọn, mo ní wọ́n ti ní in lọ́wọ́, àti pé fáìlì kejì lè mú kí wọ́n má mọ èyí tó yẹ kí wọ́n lò.

Ẹ kíyè sí bí ìbéèrè yẹn ṣe rí. Kò béèrè pé "ṣé ẹ yàn mí?" Akọ̀wé tó ń ka ímeèlì lè má ní àṣẹ láti dáhùn ìyẹn, ìdákẹ́jẹ́ ló sì máa fi yanjú rẹ̀. Ó béèrè nípa bí iṣẹ́ wọn ṣe ń lọ, èyí tí kì í ṣe àṣírí. Bí wọ́n bá ní ìwé ìpè ti jáde tán, ó ti mọ ibi tí òun wà. Bí wọ́n bá ní wọ́n ṣì ń lọ lọ́wọ́, ó lè máa retí. Ọ̀nà méjèèjì ló fún un ní ìdáhùn, bẹ́ẹ̀ ni kò fi akọ̀wé sí ipò tó ti máa purọ́ tàbí dákẹ́.

Ọjọ́ kejì ni èsì dé, gbólóhùn méjì. Wọ́n ní ìwé ìpè rẹ̀ ti jáde láti ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin, kó wo àpò tí ímeèlì pàǹtí máa ń bọ́ sí. Ibẹ̀ ló wà lóòótọ́, láàárín ìpolówó oògùn àti ti tẹ́tẹ́. Ojú ewé ìdánwò náà máa ń ti lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó sì ti ti. Ó dáhùn lójú ẹsẹ̀, nínú ímeèlì kan náà, pé òun ti rí i nínú àpò pàǹtí, ó sì béèrè bóyá wọ́n lè tún un ṣí. Wọ́n tún un ṣí fún wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ó ṣe ìdánwò náà, ìṣirò rẹ̀ ò sì tó iye tí wọ́n ń fẹ́. Wọn ò pè é mọ́.

Ẹnì kan tí mo sọ ìtàn yìí fún ní kí wá ni àǹfààní lẹ́tà náà nígbà náà? Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó dé ibi ìdánwò. Lẹ́tà àtẹ̀lé ò lè bá èèyàn ṣe ìṣirò. Kò lè sọ ìpele kẹta di ìpele kejì, kò lè dín ọjọ́ orí kù. Kọ̀ǹpútà ló sábà ń fi àwọn nǹkan wọ̀nyẹn yọ èèyàn kí ẹnikẹ́ni tó ka orúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ dídùn ò sì lè mú ẹni tí kọ̀ǹpútà ti yọ padà. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ní kí a máa fi lẹ́tà yìí tún ara wa polówó. Ìpolówó ti parí lọ́jọ́ tí a fi ìwé sílẹ̀. Iṣẹ́ tí lẹ́tà àtẹ̀lé lè ṣe kéré: ó lè rí ìwé tó sọnù, ó lè ṣàtúnṣe ohun tó ti yí padà, ó lè jẹ́ kí èèyàn mọ ìgbà tó yẹ kó ṣíwọ́ ìrètí. Ìwọ̀nba yẹn tó fún mi.

Ní ti pé kí wọ́n máa rántí orúkọ ẹni, mo ti sọ pé mo ń bọ̀ lórí rẹ̀. Nínú ọ́fíìsì kékeré tí èèyàn mẹ́wàá ti wáṣẹ́, bóyá. Nínú ètò tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń wáṣẹ́ sí, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n lè fi rántí ẹni ni pé ó kọ̀wé lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ kan.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ àkókò. Kì í ṣe ọjọ́ tí èèyàn fi ìwé sílẹ̀ ló yẹ kó máa kà, ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ parí ni. Ẹni tó fi ìwé sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, tó wá kọ̀wé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lè máa béèrè nípa ohun tí wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀. Bí ìkéde bá dá ọjọ́, kí èèyàn jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá pẹ̀lú ọjọ́ iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta. Bí kò bá dá ọjọ́ kankan, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìparí ìforúkọsílẹ̀ tọ́ lójú tèmi. Kí èèyàn tó kọ nǹkan kan rárá, kó kọ́kọ́ wo àpò pàǹtí, kó wọ pọ́tà, kó sì tún ìkéde náà kà láti òkè délẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tí kò bá gbọ́ ohùn àwọn títí di ọjọ́ báyìí kó gbà pé òun ò wọlé, ìdáhùn ti wà níbẹ̀ ṣáájú ìbéèrè. Bí wọ́n bá ní kí ẹnikẹ́ni má kọ̀wé, kí ẹnikẹ́ni má kọ̀wé.

Àdírẹ́sì tó wà nínú ìkéde ni kó lò. Ímeèlì tí pọ́tà fi ń sọ pé "a ti rí ìwé yín gbà" sábà máa ń ti ọ̀dọ̀ àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `noreply@` wá. Ohun tí èèyàn bá kọ síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń kà á. Mo rí ẹnì kan tó kọ ọ́ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tó wá ń bínú pé wọn ò kà á sí. Lílọ sí ẹ̀ka ilé ìfowópamọ́ tó wà ládùúgbò ẹni náà ò wúlò, torí orúkọ àwọn tó wáṣẹ́ ò sí lọ́wọ́ wọn níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ká wá nọ́ńbà òṣìṣẹ́ kan kàn lórí Wọ́sáàpù, ká máa kí i ní alẹ́. Ẹni tó bá sì dáhùn lórí Wọ́sáàpù pé òun lè bá yín wo orúkọ yín bí ẹ bá san owó díẹ̀, ẹ mọ ẹni tí ìyẹn jẹ́.

Àwọn kan lára yín máa ní ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ tuntun tiwọn, pé kò sí ohun tó yí padà lọ́dọ̀ wọn. Ẹ wò ó dáadáa. Bí ẹ bá fi ìwé sílẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì ń kọ àpilẹ̀kọ, tí ẹ sì ti parí rẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ tuntun nìyẹn, bí ẹ bá sọ ọ́ ní ohun tí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹ̀ka wa lè rí. "Mo ti parí ìwádìí mi lórí ìrànmọ́ fáwẹ̀lì" ò ní yé akọ̀wé ilé ìfowópamọ́. Ṣùgbọ́n "mo ti parí àpilẹ̀kọ mi: mo gba ohùn àwọn àgbàlagbà mẹ́fà sílẹ̀ ní abúlé méjì lórí ọ̀rọ̀ 400, mo sì tẹ gbogbo rẹ̀ jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méje" máa yé e, torí ó gbọ́ nípa ètò ṣíṣe, sùúrù àti pípa ọjọ́ mọ́ níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ dárúkọ wọn. Àwa tí a ti gbé ìwé ọ̀rọ̀ 400 ti Ìbàdàn káàkiri nínú oòrùn mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Gbólóhùn kan péré ni kó gbà, kó sì wà lẹ́yìn ìbéèrè, kó má ṣáájú rẹ̀. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ sínú ìwé àkọ́kọ́, kì í ṣe tuntun mọ́. Ẹ yọ ọ́.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, èèyàn lè kọ̀wé lẹ́ẹ̀kan sí i, nínú ímeèlì kan náà kí ti àkọ́kọ́ lè wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Gbólóhùn méjì tó: pé òun kọ̀wé ní ọjọ́ báyìí, pé ìbéèrè náà ṣì wà nísàlẹ̀. Kò sí ẹ̀kẹta. Ẹ̀gbọ́n wa ti wáṣẹ́ sí ètò méjì mìíràn láti ìgbà náà. Ó ti fi àdírẹ́sì àwọn iléeṣẹ́ méjèèjì sínú àwọn tí ímeèlì rẹ̀ mọ̀, kí ìwé ìpè má baà tún bọ́ sínú pàǹtí, ó sì ń fi alẹ́ ọjọ́ Sátidé kọ́ ìṣirò ìdá nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ tó wà ní girama àgbà ọdún kejì.